Ìjábọ̀ Ìjàǹbá Tí A Kò Tíì Mọ Ohun Tó Fà Á

Ní ọ̀sán ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù ilé-iṣẹ́ Dana tó ń bọ̀ láti Àbújá já lé àdúgbò Ìjú-Ìṣàgá l'Ékòó. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, èèyàn mẹ́fà sì kú nílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kálukú ti ní ohun tó gbà pé ó fà á.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá bàálù kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìyẹn. Òfin àgbáyé ní kí ìjábọ̀ àkọ́kọ́ jáde láàárín 30 ọjọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 2017 ni ìjábọ̀ ìkẹyìn lórí ọ̀rọ̀ Dana tó jáde. Ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ ní láti sọ gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ láìsọ ohun tó fa ìjàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn kan péré. Kí bàálù náà tó já, awakọ̀ ké sí àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti kú. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ pé "Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú, bàálù wá já," ó ti parí ìwádìí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dájú lọ́jọ́ náà ni pé awakọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì fúnra wọn ṣì wà nínú òkìtì àwókù, wọn ò tíì tú wọn palẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré "wá" yẹn náà léwu, torí ó so ohun méjì pọ̀ bí ìdí àti àbájáde. Ó sàn kéèyàn kọ ọ́ pé: "Awakọ̀ sọ pé ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti kú. Bàálù já ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà."

Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn inú yàrá awakọ̀ sílẹ̀ fún wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 31. Nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lórí bí agbára ẹ́ńjìnnì kan kò ṣe bá ibi tí wọ́n ti ọwọ́ ìjánu rẹ̀ sí mu. Ibí yìí ni ìtàn ti máa ń wọ òǹkọ̀wé lára, tí á kọ ọ́ pé wọ́n mọ̀ àmọ́ wọn ò kà á sí. Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n jíròrò rẹ̀, ó sì ní wọn kò sọ ọ́ jáde nígbà yẹn pé ó lè dí ìrìn àjò lọ́wọ́. Ohùn nìkan ló wà nínú ẹ̀rọ, èrò inú kò sí níbẹ̀. Iná sì ti ba ẹ̀rọ kejì tó ń gba ìṣesí bàálù sílẹ̀ jẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n lè fi ohùn yẹn wé.

Ọ̀rọ̀ epo náà rí bẹ́ẹ̀. Epo tí wọ́n bù yẹ̀ wò wá láti inú ọkọ̀ tó rọ epo fún bàálù náà àti táǹkì tí ọkọ̀ yẹn ti gbà á, wọn kò sì rí ìdọ̀tí nínú rẹ̀. Tí òǹkọ̀wé bá gé e kúrú sí "epo inú bàálù mọ́," ó ti sọ ju ohun tí wọ́n yẹ̀ wò lọ.

Ohùn ìjábọ̀ tún máa ń yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tèmi nìyí, kì í ṣe látinú ìjábọ̀ Dana: lójú ìwé kẹta, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ "ṣàlàyé", lójú ìwé kẹsàn-án, mẹkáníìkì "jẹ́wọ́". Ìbéèrè kan náà ni wọ́n dá lóhùn, àmọ́ òǹkàwé ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú. "Sọ" ló yẹ kí àwọn méjèèjì ṣe. Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí irú èyí, torí mẹkáníìkì yẹn lè má tíì rí ẹnikẹ́ni gbèjà rẹ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni kéèyàn fi bírò yí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ mọ́ sísọ po, kó sì ka àwọn yẹn nìkan láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bákan náà, bí a bá kọ wákàtí tí awakọ̀ ti fi wa bàálù rí, ìwé àṣẹ rẹ̀ àti ọjọ́ tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ká kọ gbogbo rẹ̀ fún igbákejì náà. Tí a bá kọ ẹjọ́ àtijọ́ ẹnì kan, tí a kò wá ti èkejì, a ti ń tọ́ka.

"A kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò" àti "a yẹ̀ ẹ́ wò, a kò rí nǹkan kan" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ ló ń kó méjèèjì sábẹ́ "kò sí ẹ̀rí", wọ́n sì ń fi ìyẹn dá ẹlẹ́bi láre, tàbí kí wọ́n dá aláìmọ̀kan lẹ́bi.

Nígbà tí ìjábọ̀ ìkẹyìn dé ní 2017, ó sọ ọ̀rọ̀ tó le. Ó ní ẹ́ńjìnnì kìíní pàdánù agbára ní ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, èkejì sì kọ̀ láti dáhùn nígbà tí wọ́n fẹ́ẹ́ balẹ̀. Ó ní àwọn awakọ̀ kò lo ìwé ìtọ́sọ́nà tó yẹ, wọn kò sì balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú tó sún mọ́ wọn jù. Nígbà yẹn, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo ohùn náà délẹ̀.