Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Ìwé Ẹni Tó Fẹ́ Bá Yín Bójú Tó Ilé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fi owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ parí ilé, tí ẹ sì ń fi owó ilé náà san gbèsè padà. Nígbà tí onílé bá wá ń gbé ìlú mìíràn, kì í pẹ́ tí ìwé kan yóò fi dé: ẹnì kan kọ̀wé pé òun yóò máa bá a gba owó ilé, òun yóò máa tún ilé ṣe, òun yóò sì máa wá ayálégbé tó dára. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìgbà yìí, nítorí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n mú wá fún wa láti yẹ̀ wò.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ tíṣà ló ni ín. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìyá náà ń gbé, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn. Fúláàtì mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦400,000 wá lọ́dún, èyí tó jẹ́ ₦1,600,000 lápapọ̀. Ó jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní owó tí ó fi kan òrùlé àti tí ó fi gbẹ́ kànga, ₦50,000 ló sì ń san padà lóṣooṣù. Bí owó ilé bá yingin, àwọn onídùúró rẹ̀ ni ẹgbẹ́ yóò dì mú. Ìdí nìyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ní kí a ka ìwé náà kí ìyá tó fọwọ́ sí i.

Ìwé náà mọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí a béèrè ni bóyá ẹni tó kọ ọ́ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ ilé àti ilẹ̀. Òfin ọdún 1975 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà tí ó lè fi hàn. Ọkùnrin náà ní i. Kò túmọ̀ sí pé kò lè ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ohun tí a kò lè sọ nípa ẹni tó kàn gbé pátákó sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé náà sọ pé òun yóò gba náírà 10 nínú 100 “lórí owó ilé ọdún kọ̀ọ̀kan”. Ọ̀pọ̀ onílé ni yóò ka èyí kọjá. Owó ilé wo? Èyí tó yẹ kó wọlé ni, àbí èyí tó wọlé ní tòótọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní fúláàtì kan ṣófo fún ọdún kan gbáko, tí ayálégbé kejì sì san ìdajì péré. Owó tó wọlé yóò jẹ́ ₦1,000,000. Bí alábòójútó bá gba tirẹ̀ lórí ohun tó wọlé, ₦100,000 ni. Bí ó bá gbà á lórí ohun tó yẹ kó wọlé, ₦160,000 ni. Ìyàtọ̀ ₦60,000 yẹn ju gbèsè oṣù kan tí ìyá ń san lọ, ọdún tí nǹkan kò dára fún un gan-an ni yóò sì san án. Bákan náà, ẹni tí owó rẹ̀ pé yálà fúláàtì ṣófo tàbí kò ṣófo, kí ni yóò mú un sáré wá ayálégbé?

Ìbéèrè kejì ni èyí tí àwa fúnra wa kò kọ́kọ́ rí títí a fi jókòó tì í. Ìwé náà sọ pé ayálégbé tuntun ni yóò san owó ejẹ́ńtì, náírà 10 nínú 100, àti owó ìwé àdéhùn, náírà 10 nínú 100 mìíràn. Ìyá dunnú sí i, nítorí kò ní jáde láti àpò rẹ̀. A ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí alábòójútó yóò jẹ.” Bí ayálégbé àtijọ́ bá san owó ọdún mìíràn, ₦40,000 ni alábòójútó rí lórí fúláàtì náà. Bí ó bá kó jáde tí ẹlòmíràn wọlé, yóò gba ₦40,000 lọ́wọ́ onílé, ₦40,000 ti ejẹ́ńtì, àti ₦40,000 ti àdéhùn: ₦120,000. Ìlọ́po mẹ́ta ni. Ní ti ìyá, bí fúláàtì bá ṣófo fún oṣù méjì péré láàárín ẹni tó jáde àti ẹni tó wọlé, ó ti pàdánù bíi ₦66,000, kí a má tíì sọ ti ọ̀dà tí yóò tún kùn. Ìwé tí a bá kọ báyìí ń san owó fún alábòójútó pé kí ó máa lé ayálégbé rere. A kò sọ pé ọkùnrin yìí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rí ayálégbé tuntun lọ́dọọdún nínú ilé tí kò ní àléébù, ibi tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Àtúnṣe tí a dá lábàá ni pé bí ayálégbé kan bá kó jáde kí ọdún méjì tó pé, alábòójútó kò ní gba náírà 10 tirẹ̀ lọ́wọ́ onílé lórí owó ọdún àkọ́kọ́ ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Nígbà náà ni yóò fara balẹ̀ yan èèyàn.

Ní ti àtúnṣe ilé, ó ní òun yóò gba náírà 10 lórí gbogbo owó tí òun bá ná. Ẹ rí i pé bí pọ́ńbà bá gbówó lé iṣẹ́, owó alábòójútó náà yóò ga sí i. A ní kí wọ́n fi ààlà sí i: ohun tí kò ju ₦30,000 lọ, kí ó ṣe é kí ó sì mú rìsíìtì wá, ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ́kọ́ fi iye tí oníṣẹ́ ọwọ́ méjì pè é ránṣẹ́ sí onílé. Bí omi bá ń ya wọ ilé tàbí tí iná bá ń ta láti ara wáyà, kí ó ṣe é lójú ẹsẹ̀ kí ó sì tẹ̀ ẹ́ láago lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìròyìn ìṣirò, tó jẹ́ iṣẹ́ tiwa. Ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ó jìnnà jù. Ní ọdún kan, ẹni tó ná owó onílé ti gbàgbé pé òun ná an. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ní kó jẹ́, kí owó ilé sì máa lọ tààrà sínú àkáǹtì ìyá ní báńkì, kì í ṣe sínú àkáǹtì alábòójútó. Nínú ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ohun tó ṣẹ́kù ní òpin ti ìṣáájú gbọ́dọ̀ bá èyí tó bẹ̀rẹ̀ tuntun mu, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rí i nínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ yín. Gbogbo fúláàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, títí kan èyí tó ṣófo, pẹ̀lú ọjọ́ tí a san owó, àkókò tí owó náà kárí, àti nọ́ńbà rìsíìtì. Owó tí ayálégbé fi sílẹ̀ nítorí ohun tó lè bàjẹ́ kì í ṣe èrè onílé, gbèsè ni. Ojú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kó wà, kí alábòójútó má sì gba náírà 10 lórí rẹ̀.

Fúláàtì tó “ṣófo” ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ. Ní ilé kan tí a ti yẹ ìwé rẹ̀ wò rí, ìròyìn fi hàn pé yàrá kan ṣófo fún oṣù méje. Mítà ibẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a ń ra iná sí kí a tó lò ó. A béèrè fún àkọsílẹ̀ iná tí wọ́n rà sí i, a sì rí i pé wọ́n ń rà á lóṣooṣù. Ẹnì kan ń gbé ibẹ̀, ó ń san owó ilé, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ onílé.

Ní ti yíyan ayálégbé, ìwé náà kàn sọ pé “a ó yẹ wọ́n wò fínnífínní.” A ní kí ó kọ ohun tí yóò yẹ̀ wò. Kí ó rí ẹ̀rí iṣẹ́ tàbí òwò rẹ̀, kí owó ilé má sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń wọlé fún un lọ. Kí ó bá onílé tí ẹni náà ti ń gbé rí sọ̀rọ̀, pàápàá èyí tó ṣáájú ti ìsinsìnyí, nítorí onílé tó bá fẹ́ kí ayálégbé kó kúrò lọ́rùn òun lè yìn ín. Kí ó rí onídùúró lójúkojú níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kò sí nínú ohun tí a kọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá èèyàn máa ń san gbèsè. Bí ó bá sì ń ta fọ́ọ̀mù fún ogún èèyàn lórí fúláàtì kan ṣoṣo, fọ́ọ̀mù ló ń tà, kì í ṣe ayálégbé ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tí a fi bírò pa rẹ́ pátápátá: pé òun yóò “mú ayálégbé tí kò sanwó kúrò láàárín ọjọ́ 14.” Òfin kò gba bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdún gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù mẹ́fà, kí ó tó gba ti ọjọ́ méje, kí a tó pè é ní kóòtù. Bí alábòójútó bá yọ ilẹ̀kùn tàbí tó ṣí òrùlé, orúkọ onílé ni yóò wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́.

Ìyá fi ìwé náà ránṣẹ́ padà pẹ̀lú àwọn àtúnṣe wọ̀nyí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, alábòójútó gba gbogbo rẹ̀ àfi ti ọdún méjì. Ó ní òun kò lè dúró fún ayálégbé tí ibi iṣẹ́ bá gbé lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ti ẹni tó bá fi ìwé ìgbélọ hàn kò sí nínú rẹ̀, wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i fún ọdún kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè fi nótíìsì oṣù mẹ́ta fòpin sí i. Ìròyìn àkọ́kọ́ ti dé. Ó pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, rìsíìtì pọ́ńbù omi kan kò sì sí nínú rẹ̀. Ìyá ti kọ̀wé béèrè rẹ̀.