Ìjà Kì Í Ṣe Ìpànìyàn: Ohun Tí Ìwọ̀n Ọ̀rọ̀-Ìṣe Lárúbáwá Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Ògbufọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú àkójọ hádíìsì Àbú Dáwúdù, Nàná Àíṣà, ìyàwó Ànábì Mùhámmádù, sọ ìtàn eré kan tí òun àti ọkọ òun sá lójú ìrìn-àjò. Àwọn méjèèjì jọ sáré, òun ló sì borí. Nígbà tó yá, tí ara rẹ̀ ti sanra, wọ́n tún sáré, ọkọ rẹ̀ ló wá borí lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tó lò fún eré tí wọ́n jọ sá ni "saabaka". Èyí tó lò fún bíborí ni "sabaka". Fífa fáwẹ́lì àkọ́kọ́ gùn ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn. Ògbufọ̀ tí kò bá fura yóò kọ "bíìtì" sí ojú méjèèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá sì kà á yóò máa ṣe kàyéfì bí ènìyàn ṣe borí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti borí rẹ̀ tán. "Réèsì" ló yẹ àkọ́kọ́, kí "bíìtì" tó tẹ̀ lé e.

Bí èdè Lárúbáwá ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a bá fa fáwẹ́lì kan gùn, tí a tẹ lẹ́tà kan ní ìlọ́po méjì, tàbí tí a fi ẹ̀yà kan síwájú rẹ̀, gbòǹgbò náà yóò bọ́ sínú ìwọ̀n mìíràn, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì yí. Àwọn onímọ̀ gírámà Lárúbáwá máa ń fi ọ̀rọ̀ náà "fa'ala" wọn gbogbo rẹ̀. Mẹ́wàá lára àwọn ìwọ̀n yìí ló wọ́pọ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù sì fún wọn ní nọ́ńbà. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Hans Wehr, tí ẹ̀dà rẹ̀ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1961, nọ́ńbà Róòmù ni wọ́n fi ń tọ́ka sí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀.

"Sabaka" wà ní ìwọ̀n kìn-ín-ní, "saabaka" sì wà ní ìkẹta. Ohun tí ìwọ̀n kẹta máa ń ṣe jù ni pé ó ń fa ẹlòmíràn wọ inú ìṣe náà, kí ó lè jẹ́ alábàáṣe tàbí alátakò. Ó sọ pé ẹnì kan dojú ìṣe kọ ẹnì kejì, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a bá yàn fún un kò gbọdọ̀ sọ àbájáde tí Lárúbáwá kò sọ.

Ibi tí èyí ti le jù ni gbòǹgbò káfù, táù, láàmù. "Katala" ni pé ó pa ènìyàn. "Kaatala" ni pé ó bá ènìyàn jà. Ẹni tó jà lè pa, ó lè kú, ó sì lè padà sílé láìpa ẹnikẹ́ni. Nínú Súrà Bàkárà, àṣẹ tó wà ní ẹsẹ 190 wà ní ìwọ̀n kẹta: kí wọ́n bá àwọn tó ń bá wọn jà jà, kí wọ́n má sì kọjá ààlà. Ìwọ̀n kìn-ín-ní ni àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ 191, ìyẹn ti pípa. Ẹni tó bá kọ "kíìlì" sí ẹsẹ 190, dípò "fáìtì", ti yí òfin padà.

Ní ẹsẹ 146 Súrà Áàlì Ìmúrán, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Kíká Wáríṣì, tó gba ọ̀nà Náfíù wá, ni ó ti gbilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kíká Háfíṣì ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Àlùkùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Íjíbítì àti Sáúdì. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló wà lójú ìwé nínú méjèèjì, àmọ́ Háfíṣì kà á ní "kaatala", Wáríṣì sì kà á ní "kutila", èyí tí í ṣe pé wọ́n pa á.

Lójú Háfíṣì, ọ̀pọ̀ ànábì ló wà tí àwọn olùfọkànsìn bá jagun, "fáìtì" ló sì tọ́ sí i. Lójú Wáríṣì, ikú ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Gírámà gbà kí ó jẹ́ pé ànábì náà ni wọ́n pa, ó sì tún gbà kí ó jẹ́ pé àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ànábì ni wọ́n pa, ẹsẹ náà ń yin àwọn tí kò sọ̀rètí nù lẹ́yìn ikú aṣáájú wọn. Èyí bá ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ogun Úhúdù mu, níbi tí ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé wọ́n ti pa Ànábì. Ẹni tó ń fi Wáríṣì kéwú, tó wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ láti inú Háfíṣì ṣe àlàyé, ń ka ẹsẹ kan, ó sì ń túmọ̀ òmíràn. Ó yẹ kí ògbufọ̀ sọ kíká tó tẹ̀ lé.

Nígbà mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló máa ń da ohun tí Lárúbáwá yà sọ́tọ̀ pọ̀. "Kasara" ni pé ẹnì kan fọ́ nǹkan. "Inkasara", tó wà ní ìwọ̀n keje, ni pé nǹkan náà fọ́, láìsí pé a ń wá ẹni tó fọ́ ọ. "Kusira" ni pé ẹnì kan fọ́ ọ, ṣùgbọ́n a kò dárúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "bíréèkì" fún méjì àkọ́kọ́, bí àwa náà ṣe ní "fọ́". Nítorí náà, ibi tí a bá gbé ọ̀rọ̀ sí nínú gbólóhùn ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn. "Dí gíláàsì bíróòkù" ló bá "inkasara" mu. Bí a bá kọ "wọ́ọ̀sì bírókìn", Gẹ̀ẹ́sì ti lè mú kí a máa ronú nípa ọwọ́ ẹnì kan. Nínú ẹjọ́ tàbí ìwé ìbánigbófò, ìyẹn lè di ẹ̀sùn.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀. "Saafara" wà ní ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ìrìn-àjò lásán ni, kò sí alátakò níbẹ̀. Bákan náà ni ìkẹwàá. "Gafara" ni kí ènìyàn dárí jini. "Istagfara", tí a ń gbọ́ nínú "asitagafurulai", ni kí ó tọrọ àforíjì, a sì lè fi "áàsìkì" tàbí "síìkì" túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó dúró fún àforíjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá rò pé gbogbo ìkẹwàá ni títọrọ yóò ṣìnà lórí "ista'mala". Iṣẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀, àmọ́ "yúùsì" ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ìyẹn kí ènìyàn lo nǹkan.

Nítorí èyí, ìwọ̀n ni ó yẹ kí ògbufọ̀ kọ́kọ́ fi méfò ìtumọ̀, kí ó tó yẹ àfò náà wò. Kí ó wo àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, bóyá ènìyàn ni tàbí nǹkan. Kí ó wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, nítorí bí ìyẹn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ àbájáde, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò tíì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣí ìwé atúmọ̀, kí ó wá gbòǹgbò, kí ó sì ka ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà ìwọ̀n tó ń wá gan-an, kì í ṣe ti ìkìn-ín-ní tó kọ́kọ́ pàdé ojú rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti máa ń rí i bóyá ìtumọ̀ tí ìwọ̀n ṣèlérí ni èdè ń lò, tàbí ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.