Níbo Ló Yẹ Kí Owó Pàjáwìrì Òṣìṣẹ́ Wà: Alájẹṣẹ́kù Tàbí Báńkì?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ olówó oṣù tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wọn ni kò ní owó kan tó jọjú ní báńkì. Kí owó oṣù tó wọ àkáǹtì ni ọ́fíìsì ti yọ ti ẹgbẹ́, èyí tó kù sì ti níṣẹ́ tí yóò ṣe. Bí ẹ bá bi wọ́n níbi tí owó pàjáwìrì wọn wà, wọ́n á ní ó wà ní alájẹṣẹ́kù. Òótọ́ ni pé owó wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé, ṣé ọwọ́ lè tó o lálẹ́ ọjọ́ Sátidé?

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ girama kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, kó máa gba ₦120,000 lóṣù, kí wọ́n sì máa yọ ₦15,000 fún ẹgbẹ́. Lẹ́yìn oṣù 18, ó ti ní ₦270,000. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń yá èèyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, nítorí náà, nígbà tí owó ilé dé, ó yá ₦540,000, òṣìṣẹ́ méjì sì ṣe onídùúró fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ₦270,000 rẹ̀ ti di ohun ìdúró fún gbèsè. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí owó náà nínú ìwé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kàn án títí gbèsè yóò fi fúyẹ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ àìsàn lóṣù tó tẹ̀ lé e, tí ilé ìwòsàn ní kó san ₦80,000 sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á wọlé, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló máa sáré lọ.

Ká tiẹ̀ ní kò jẹ gbèsè rárá, ó ṣì máa kọ ìwé, alága, akọ̀wé àti akápò á fọwọ́ sí i, níbòmíràn sì rèé, ó di ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn ẹgbẹ́ kan kì í jẹ́ kéèyàn gbà ju ìdajì lọ. Kì í ṣe ìwà ìkà ni wọ́n ń hù. Owó tí gbogbo wọn dá jọ ni ẹgbẹ́ ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó yá a. Lóṣù kẹsàn-án, tí owó ilé ìwé bá dé, gbogbo wọn ló ń béèrè owó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì kẹ́yìn á dúró.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀nà kan náà ni owó oṣù àti owó ẹgbẹ́ ń gbà wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yanṣẹ́ lódì, ọ̀kan lára ẹ̀sùn wọn sì ni pé ìjọba ń yọ owó alájẹṣẹ́kù lára owó oṣù wọn, ṣùgbọ́n kò fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí agbanisíṣẹ́ bá wọ gbèsè, owó oṣù á dúró, àpò ẹgbẹ́ náà á sì gbẹ, ní àkókò tí òṣìṣẹ́ nílò méjèèjì jù lọ.

Báńkì kò ní ìṣòro yìí. Fóònù lèèyàn fi ń gba owó níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dá wàhálà sílẹ̀, nítorí náà ó dára kí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ wà nílé. Àjọ ìjọba tó ń ṣe adójútòfò owó inú báńkì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Látọdún 2024, tí báńkì ńlá bá kógbá sílé, àjọ náà á san tó ₦5 mílíọ̀nù fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ báńkì Hẹ́rítéèjì ní oṣù kẹfà ọdún náà, irú owó yìí ni wọ́n fi kọ́kọ́ san ti àwọn oníbàárà. Alájẹṣẹ́kù kò sí lábẹ́ adójútòfò náà.

Àléébù báńkì ni pé owó ń sún mọ́ni jù, èlé rẹ̀ sì kéré sí bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Mi ò ro ti èlé fún owó tó wà fún ọjọ́ ìjàǹbá. Fún ìsúnmọ́ni yẹn, kí olùkọ́ wa ṣí àkáǹtì sí báńkì mìíràn, kó má gba káàdì rẹ̀, kí báńkì tó ń gbowó oṣù rẹ̀ sì máa gbé iye kan lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé.

Mi ò ní kó kúrò nínú ẹgbẹ́. Yíyọ owó lórísun ń ran ẹni tí kì í lè dá owó dúró lọ́wọ́, ẹ̀yáwó ìlọ́po méjì sì wúlò fún owó ilé, níwọ̀n bó ti ṣeé mọ̀ ṣáájú. Kó dín ₦15,000 yẹn sí ₦6,000 tí òfin ẹgbẹ́ bá gbà á, kí ₦9,000 máa lọ sí báńkì. Lẹ́yìn ọdún kan, ₦108,000 á ti wà níbẹ̀, èyí tó lè gbé ilé rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan. Nígbà náà ló lè padà sí ₦15,000 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́.

Kó tó ṣe é, kó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé iye ọjọ́ tí yóò gbà bó bá fẹ́ gba ìdajì owó rẹ̀ lónìí, kó sì bi ọmọ ẹgbẹ́ tó gba owó kẹ́yìn bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ₦108,000 ní báńkì ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní kó dúró de ìpàdé, kí owó báńkì yẹn di ti oṣù mẹ́ta kó tó dá owó ẹgbẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.