Kí Ló Wà Nínú Owó Yàrà Ìpìlẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ìjà onílé àti agbaṣẹ́ṣe ló ń bẹ̀rẹ̀ lórí owó tí àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí. Wọ́n gbà pé iye báyìí ni, àmọ́ iṣẹ́ tí iye náà kó sínú kò yé wọn bákan náà.

Bí-ó-kíù ni ìwé tí wọ́n ń to iṣẹ́ ilé sí ní ìlà-ìlà: iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe, bó ṣe pọ̀ tó, réètì rẹ̀, ìyẹn owó ẹyọ ìwọ̀n kan, àti àpapọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ inú ìlà máa ń kúrú. "Gbígbẹ́ yàrà ìpìlẹ̀ àti kíkó erùpẹ̀ rẹ̀ dànù" lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ìyókù, inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí kúántítì sọ̀fíyọ̀ ń kọ sí iwájú apá kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó wà: bí wọ́n ṣe wọn iṣẹ́ náà, àti ohun tí réètì ti san.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Abẹ́òkúta. Yàrà ìpìlẹ̀ rẹ̀ gùn ní mítà 80, ó fẹ̀ ní mítà 0.675, ó sì jìn ní mítà 1. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, kúbíìkì mítà 54 ni. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tí ṣọ́bìrì bá ti tú kì í jókòó pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó máa ń wú. Ká ní ó fi 25 nínú 100 wú, ó ti di 67.5. Típà tó ń gbé kúbíìkì mítà 5 lẹ́ẹ̀kan yóò lọ nígbà 14, nígbà tó jẹ́ pé 11 ni ìṣirò 54 yóò fi hàn. Ta ni yóò san owó típà mẹ́ta yẹn?

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa parí ẹ̀: "Bí erùpẹ̀ ṣe wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ la fi wọ̀n ọ́n, kí agbaṣẹ́ṣe fi owó wíwú rẹ̀ sínú réètì." Agbaṣẹ́ṣe tó bá ka èyí kó tó dá owó yóò ti ro típà 14 mọ́ réètì rẹ̀. Bákan náà ni fífẹ̀ yàrà. Bó bá gbẹ́ ẹ ní mítà 0.9 kí bíríkìlà lè ráyè dúró, ohun tó gbẹ́ ti di 72. Àkíyèsí ìwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ bóyá ìwọ̀n inú àwòrán nìkan ni wọn yóò san, tàbí àyè iṣẹ́ ní ìlà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn kúántítì sọ̀fíyọ̀ ní Nàìjíríà ní ìwé ìlànà ìwọ̀n fún irú nǹkan wọ̀nyí. Ibi tí bí-ó-kíù bá ti yà kúrò nínú rẹ̀, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ gbangba.

Àpáta ló máa ń le jù, pàápàá ní Abẹ́òkúta. Bí ilẹ̀ bá ti le díẹ̀, agbaṣẹ́ṣe á ní àpáta ni, onílé á ní yangí lásán ni. Kí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ti sọ ohun tí àpáta jẹ́: èyí tí kò ṣeé yọ àfi pẹ̀lú ẹ̀rọ afọ́kúta, ìdè irin tàbí ẹ̀tù. Kí ó ní réètì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì jọ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fọ́ ọ, torí lẹ́yìn fífọ́ kò sí ẹni tó lè mọ bó ṣe tó.

Omi ilẹ̀ náà ń fẹ́ irú ìtọ́jú yìí. Ihò àyẹ̀wò tí wọ́n gbẹ́ lóṣù kejì lè gbẹ táútáú, kí omi sì wà níbẹ̀ lóṣù keje. Nítorí náà, kí wọ́n kọ bí omi ṣe jìn sílẹ̀ tó àti ọjọ́ tí wọ́n wò ó. Bó bá gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á tún ìwọ̀n ìlà yẹn ṣe.

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé réètì ti kó ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ sínú. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Agbaṣẹ́ṣe ò lè dá owó ohun tí kò rí. Ẹni tó gbọ́n nínú wọn á bu owó ìbẹ̀rù lé réètì, onílé á sì san án bí àpáta ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹni tó dá owó kékeré á pa iṣẹ́ tì lójú ọ̀nà. Wíwú erùpẹ̀ ṣeé ṣírò tẹ́lẹ̀, kí agbaṣẹ́ṣe gbé e. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ kò ṣeé ṣírò, kí ìlà tirẹ̀ dá wà.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí bí-ó-kíù, ẹ pe agbaṣẹ́ṣe yín jókòó, kí ẹ jọ ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú apá ilẹ̀ gbígbẹ́. Ẹ bi í léèrè ta ni yóò san owó wíwú erùpẹ̀, àyè iṣẹ́, omi àti àpáta. Èyí tí kò bá sí nínú ìwé, ẹ ní kí kúántítì sọ̀fíyọ̀ kọ ọ́ sí i kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì.