Bí Àná Ṣe Ń Wọ Inú Òní Nínú Ewì Kan

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Bàbá ń rán aṣọ." Ẹni tó gbọ́ ọ kò lè mọ̀ bóyá bàbá náà wà nídìí máṣíìnì ní báyìí tàbí ó ti wọ káà ilẹ̀ tipẹ́. Bí ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀ bá jẹ́ "Kí ni bàbá ń ṣe?", ọ̀rọ̀ òní ni. Bó bá jẹ́ "Kí ni bàbá ń ṣe nígbà tí ẹ débẹ̀?", ọ̀rọ̀ àná ni. Ìdáhùn kò yí padà rárá. Ìbéèrè ló gbé e síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. "Ń" yẹn ń sọ fún wa pé nǹkan náà ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tó ń lọ lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ gírámà wa ti fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́ gan-an, àwọn kan ní èdè Yorùbá ní àsìkò nínú ọ̀rọ̀ ìṣe, àwọn mìíràn ní bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe rí nìkan ló ń fi hàn. Ẹni tó ń kọ ewì kò nílò láti dá ẹjọ́ wọn. Ohun tó kàn án ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ kì í dá àkókò rù, ewì ìrántí sì rèé, ó fẹ́ kí àná àti òní pàdé láàárín ìlà mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni má sì ṣìnà.

Ọ̀nà tí èdè wa ń gbà ṣe é kò le, àfi ibì kan tó máa ń yọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá jẹ́ ìṣe gidi, bí a bá sọ ọ́ láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀, ohun tó ti kọjá ló ń jẹ́. "Mo jẹun." "Ó sá." "Wọ́n ti ilẹ̀kùn." Gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń sọ bí nǹkan ṣe rí tàbí ohun tó wà lọ́kàn ẹni, òní ló máa ń bọ́ sí bí a kò bá tọ́ka sí ìgbà mìíràn: "Ilé náà tóbi." "Mo mọ ọ̀nà." "Ó fẹ́ràn iyán." Èyí ni ọ̀pọ̀ ewì ìrántí fi ń dàrú. Akéwì á máa sọ ìtàn ìyá rẹ̀ tó ti kú, á ní ìyá jí, ìyá gbálẹ̀, ìyá kiri ẹ̀kọ, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Lójijì ó ní "ìyá mi pupa, ó fẹ́ràn orin." Ẹni tó ń kà á á dúró, á bi ara rẹ̀ pé ṣé ìyá yìí ṣì wà láyé ni? Ìlà méjì péré ti jí òkú dìde, akéwì kò sì mọ̀.

Mo hun ìlà díẹ̀ fún àpilẹ̀kọ yìí kí a lè rí ọ̀rọ̀ náà lójú. Ọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ ni. Télọ̀ ni bàbá, ó ti kú, máṣíìnì rẹ̀ ṣì wà nílé, ọmọ ọkùnrin yìí sì ń fi ọwọ́ pa á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé bírò lè kọ ọ́ báyìí:

Bàbá mi ń rán aṣọ lọ́dẹ̀dẹ̀,
ọmọ mi ń ṣeré nídìí máṣíìnì,
mo ń gbọ́ ohùn abẹ́rẹ́,
mo ń sá wọ yàrá.

"Ń" mẹ́rin, kò sí èyí tó sọ ìgbà. Ẹni tí kò mọ ìdílé náà á rò pé bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ jọ wà lọ́dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kò sì ní mọ ohun tí àgbàlagbà tó ti bímọ ń sá fún.

Bí a bá sọ èyí fún akéwì náà, àtúnṣe tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kó fi ọ̀rọ̀ àkókò sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan:

Nígbà náà, bàbá mi máa ń rán aṣọ lọ́dẹ̀dẹ̀,
báyìí, ọmọ mi ń ṣeré nídìí máṣíìnì,
nígbà náà, mo máa ń gbọ́ ohùn abẹ́rẹ́,
lónìí, n kò sá wọ yàrá mọ́.

Kò sẹ́ni tó máa ṣìnà nínú èyí, ṣùgbọ́n ó ti di àkọsílẹ̀ tí ẹlẹ́rìí ń kà ní kóòtù. Àná àti òní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò pàdé. Bẹ́ẹ̀ ìrántí kì í kéde ara rẹ̀ kó tó wọlé. Ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́ ló máa ń gbé e dé, a sì ti wà nínú rẹ̀ kí a tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé gbogbo àkókò náà lé ohun kan ṣoṣo tó wà láyé nígbà méjèèjì, ìyẹn máṣíìnì:

Máṣíìnì bàbá mi ṣì wà lọ́dẹ̀dẹ̀,
eruku ti bò ó.
Ọmọ mi fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan.
Bàbá mi gbójú sókè:
"Ta ló ń fi nǹkan mi ṣeré níbẹ̀?"
Mo sá wọ yàrá.
Abẹ́rẹ́ ń lọ, abẹ́rẹ́ ń bọ̀,
aṣọ ọdún oníbàárà kò gbọdọ̀ dọ̀la.
Mo yọjú.
Ọmọ mi ní, "Dádì, kò yí mọ́."

Kò sí "nígbà náà" níbẹ̀, kò sí "báyìí". Ìlà méjì àkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ òní múlẹ̀. "Wà" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, ó sì bọ́ sí òní fúnra rẹ̀. "Ti bò ó" sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tí àbájáde rẹ̀ ṣì wà níwájú wa. Eruku yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ jù nínú ewì náà. Òun ló sọ pé ẹnì kankan kò jókòó nídìí máṣíìnì yìí mọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tí bàbá gbójú sókè, a ti mọ̀ pé kì í ṣe òní ló ti gbé e.

Ibi ìrékọjá gan-an ni ìlà kẹta sí ìkẹrin. "Fọwọ́ yí i" àti "gbójú sókè" jẹ́ ìṣe gidi méjèèjì, kò sí ohun tó ṣáájú èyíkéyìí nínú wọn. Ìrísí wọn dọ́gba, nítorí náà etí kò gbọ́ ìkọsẹ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ogún ọdún lè wà láàárín wọn. Èyí ni àǹfààní tí èdè wa fún akéwì lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú èdè tí ọ̀rọ̀ ìṣe ti ń yí ìrísí padà fún àkókò, ìyípadà náà á hàn lórí ọ̀rọ̀, òǹkàwé á sì rí ojúùpó. Tiwa kò ní ojúùpó, àfi ká ṣọ́ra kí ó má di pé ẹni tó ń kà á kò mọ̀ pé òun ti kọjá.

Lẹ́yìn tí a bá ti wọ inú àná, "ń" kò léwu mọ́. "Abẹ́rẹ́ ń lọ, abẹ́rẹ́ ń bọ̀" fara ti "mo sá" tó ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gba àkókò rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò yẹ kí ìlà àkọ́kọ́ ìrántí ní "ń" nínú. Ọ̀rọ̀ ìṣe ṣákálá ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí "ń" tẹ̀ lé e.

"Mo yọjú" ní tirẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì. Ọmọdé ló sá wọ yàrá. Ẹni tó yọjú, bàbá ọmọ ni. Ìlà náà kò sọ ọ́, "Dádì" tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́, nítorí ọmọ télọ̀ àtijọ́ yẹn kò jẹ́ pe bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpè lè gbé àkókò rù bí a bá mọ ibi tí a fi sí.

Ẹ tún wo "ṣì" ní ìlà àkọ́kọ́ àti "mọ́" ní ìlà ìkẹyìn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké inú èdè wa, àwọn méjì yìí ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ìgbà méjì pọ̀. "Ó ṣì wà" ni pé ó ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì wà síbẹ̀. "Kò yí mọ́" ni pé ó ti yí rí, kò sì yí báyìí. Akéwì tó bá lò wọ́n dáadáa kò ní nílò "láyé àtijọ́" àti "lóde òní" tó ti sú etí.

Ohun tí ewì kékeré yìí kò ṣe ni ìrántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. "Mo sá" jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ àṣà bàbá ni a fẹ́ sọ, "máa ń" wà, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, á fa ewì nílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ àgbà sọ̀tàn rí mọ ọ̀nà mìíràn: "Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á ká aṣọ, á kó abẹ́rẹ́ jọ, á béèrè omi." "Á" tí a ń lò fún ọ̀la ti wọ àná lọ, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, níwọ̀n bí "tó bá ti di ìrọ̀lẹ́" bá ti wà lókè. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, bàbá tó ti kú á máa múra láti ká aṣọ lọ́la.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ bíi "ga", "pupa" àti "fẹ́ràn" tó ń jí òkú, ẹ má gbé wọn lọ sínú ìrántí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ wọ́n di ìṣe. Dípò "bàbá mi ga", ẹ kọ "bàbá mi tẹríba kó tó wọ ẹnu ọ̀nà." Gíga náà ṣì hàn, àná ló sì wà.

Kì í ṣe òní ni irú ìrékọjá yìí bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Nínú ìwé tí Karin Barber gbé jáde ní 1991 lórí oríkì ní ìlú Òkukù, ó fi hàn bí oríkì ṣe ń mú ohun tó ti kọjá wá síwájú àwọn tó wà láàyè. Ẹni tó ń ki ènìyàn á ti orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bọ́ sí orí baba ńlá rẹ̀ láìdúró, ìpè kan náà ni yóò fi pe àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń kọ ewì sínú ìwé, ẹ rántí pé àwọn tó ń gbọ́ oríkì mọ ìdílé náà, wọ́n mọ ẹni tó kú àti ẹni tó kù. Òǹkàwé yín kò mọ̀ wọ́n. Ewì tí a ń sọ lórí rédíò sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí olùgbọ́ kò rí àlàfo tí a fi sílẹ̀ láàárín ìpín kan àti èkejì, kò sì lè padà sẹ́yìn lọ wò ó.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ewì ìrántí ránṣẹ́ síbikíbi, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tí kò mọ ilé yín. Ẹ má bi í bóyá ó dùn. Ẹ bi í pé ta ló wà láàyè nínú rẹ̀, ta ló sì ti kú. Bó bá ṣì í, ẹ má da ọ̀rọ̀ àkókò sí gbogbo ewì. Ẹ lọ sí ìlà tí ẹ ti kọjá láti òní sí àná, ẹ tún ìyẹn nìkan ṣe, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn kà á fún.