Kí Nǹkan Oṣù Tó Pẹ́ ní Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀, ọjọ́ 28 síra ló ń rí i. Ó rí i ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní. Ní nǹkan bí ọjọ́ 15, ó fẹ́ra kù. Kò mọ̀. Ó ń lọ sọ́jà, ó ń bọ̀, ó ń gbọ́ ti ọmọ tó wà nílẹ̀. Ọjọ́ 29 ló yẹ kó rí nǹkan oṣù mìíràn. Kò rí i, ó sì rò pé wàhálà iṣẹ́ ló fà á. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa di ọpọlọ ọmọ náà àti okùn iṣan inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti tò sí àyè wọn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 12 oṣù kejì, ìpìlẹ̀ méjèèjì ti parí, ó sì ti pa dé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni nǹkan oṣù rẹ̀ ṣì fi pẹ́. Tó bá wá di oṣù karùn-ún kó tó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ yìí ti parí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kejìdínlógún tí oyún dúró, ohun tó wà nínú ìyá kò tíì gùn tó mílímítà méjì. Kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀, pẹlẹbẹ ló rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níhà ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n nípọn ju ìyókù lọ, wọ́n tò gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, etí wọn lọ́tùn-ún àti lósì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra sókè, àárín á jìn, etí méjèèjì á sì máa wá ara wọn bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ká ẹní láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí etí rẹ̀ fi kanra lókè. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ra. Ohun tó rí pẹlẹbẹ á wá di ọ̀pá oníhò, awọ ara á sì bò ó mọ́lẹ̀. Apá òkè ọ̀pá náà ló ń wú di ọpọlọ, ìyókù ló ń di okùn iṣan ẹ̀yìn.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń pa dé. Ibi tó máa di ọrùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọjọ́ 22. Láti ibẹ̀, á máa pa dé lọ síhà orí, á sì máa pa dé lọ síhà ìdí. Òkè á parí ní nǹkan bí ọjọ́ 25, ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 28. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìkángun méjèèjì ni àléébù ti wọ́pọ̀ jù.

Bí òkè kò bá pa dé, ọpọlọ ò ní lè dàgbà, egungun agbárí ò sì ní bò ó. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń kú sínú, èyí tí wọ́n bá sì bí láàyè kì í ju wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ lọ. Kò sí ìtọ́jú kankan fún un. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni kò pa dé, ohun táwọn dókítà ń pè ní sípínà bífídà nìyẹn. Nínú irú èyí tó le, wọ́n á bí ọmọ náà, á ké, á fẹ́ mu ọmú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á rí àpò pupa kékeré kan ní ìbàdí rẹ̀, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé omi inú rẹ̀ ń hàn síta. Iṣan tó yẹ kó fara pamọ́ sínú eegun ẹ̀yìn ló wà nínú àpò yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fi àdí, òróró tàbí ẹ̀tù kàn án. Gọ́ọ̀sì mímọ́ tí wọ́n fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn rin ni wọ́n ń fi bò ó. Ikùn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ náà lé, wọn kì í tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn, kí wọ́n sì tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ, torí pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n pa ojú ibẹ̀ dé, kí kòkòrò àrùn má bàa gba ibẹ̀ wọlé.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í dá ohun tó ti bàjẹ́ padà. Iṣan tó wà níta ti wà nínú omi inú ilé ọmọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi yẹn sì ti ṣe é léṣe. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ọmọ náà lè rọ, ó lè má lè dá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ dúró, omi sì lè máa kóra jọ sínú orí rẹ̀, tí orí á máa tóbi kọjá bó ṣe yẹ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lórí tí á máa fa omi náà lọ sí ikùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ló ń lọ sílé ìwé tí wọ́n sì ń mọ̀wé, bí wọ́n bá rí ìtọ́jú lásìkò.

Ẹ wá wo ohun tá a máa ń sọ fún ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, wọ́n á ní kò fi píìnì há aṣọ, ni ẹ̀mí àìrí fi pààrọ̀ ọmọ nínú rẹ̀. Ó ń dùn mí tí mo bá ń gbọ́ ọ. Kí ikùn obìnrin tó yọ débi tí ẹnìkan á fi ní kó fi píìnì há aṣọ, ẹ̀yìn ọmọ náà ti pa dé tàbí kò pa dé. Kò sí ìrìn ọ̀sán kankan lẹ́yìn ìgbà yẹn tó lè ṣí i.

Ohun tó lè ṣèrànwọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn ni fóléètì, ọ̀kan lára àwọn fítámìn tó wà nínú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà. Fólíìkì ásíìdì ni orúkọ èyí tí wọ́n ń ṣe sínú oògùn. Sẹ́ẹ̀lì kan kò lè di méjì láìṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú rẹ̀, fóléètì sì wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀dà yẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé etí sókè láti pàdé ara wọn ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, wọn ò sì láyè láti dúró de fítámìn tí kò tíì dé.

Ní 1965, dókítà méjì ní Liverpool, Elizabeth Hibbard àti Richard Smithells, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn obìnrin tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìṣòro fóléètì ju àwọn ìyá yòókù lọ. Nígbà tó yá, Smithells bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn obìnrin ní fítámìn kí wọ́n tó lóyún. Àbájáde rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan ní bóyá àwọn tó gbà láti lo fítámìn ló ń tọ́jú ara wọn ju àwọn yòókù lọ. Wọn ò jayò pa. Ní 1983, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ti Britain bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ńlá kan ní ilé ìwòsàn 33 ní orílẹ̀-èdè méje. Àwọn obìnrin tó ti bí ọmọ tàbí lóyún ọmọ tó ní àléébù yìí rí ni wọ́n kó jọ. Gègé ni wọ́n fi pín wọn: ìdajì ń lo 4 mílígíráàmù fólíìkì lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì lóyún, ìdajì kò lò ó, ẹnikẹ́ni kò sì mọ èyí tóun ń lò. Ní 1991, wọ́n dá a dúró kó tó parí, torí pé ọ̀rọ̀ ti hàn. Nínú oyún 1,195 tí wọ́n mọ àbájáde wọn, 27 ló ní àléébù. Mẹ́fà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó lo fólíìkì, 21 láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lò ó.

Fún obìnrin tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ tó, ìyẹn ni 0.4 mílígíráàmù. Ó kéré tán, kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú oyún, kó sì máa lò ó títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Fólíìkì tí wọ́n ń pín ní kíláàsì aláboyún wúlò fún ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí ó má ṣe dá a dúró. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ọmọ ti kọjá. Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ pé obìnrin tó wà nílé ọkọ, tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, tí kò sì lo ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni fólíìkì yìí wà fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì máa ronú nípa ọmọ.

Wọ́n á ní ṣebí a ń jẹ ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni, ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà ní fóléètì dáadáa. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà sísè, ó tó nǹkan bí 200 máíkírógíráàmù. Àmọ́ omi ń fà á jáde, iná sì ń bà á jẹ́. Ẹ wo bá a ṣe ń se tẹ̀tẹ̀: a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un dáadáa, omi aláwọ̀ ewé á sì dà lọ sí gọ́tà. Fóléètì wà nínú omi yẹn. Ẹni tó bá kàn ṣan ẹ̀fọ́ rẹ̀, tó rẹ́ ẹ, tó sì dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó máa jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ara kì í gba ti oúnjẹ tó bó ṣe ń gba ti oògùn, ìdí sì nìyẹn tí oúnjẹ nìkan kì í fi í sábà tó. Ní Amẹ́ríkà, láti 1998 ni òfin ti ní kí wọ́n máa fi fólíìkì sínú ìyẹ̀fun, àléébù yìí sì dín kù níbẹ̀. Òfin tiwa ní Nàìjíríà náà ní kí wọ́n fi sí ìyẹ̀fun wíìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀bà, àmàlà àti iyán gbé ọjọ́ rẹ̀ kò ní rí i níbẹ̀.

Fólíìkì kì í dènà gbogbo rẹ̀. Àjogúnbá lọ́wọ́ nínú ẹ̀, àtọ̀gbẹ tí wọn ò kápá lè fà á, oògùn wárápá tó ń jẹ́ fálíporéètì náà lè fà á. Ẹni tó ń lo oògùn yìí kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ kó tó lóyún. Ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí náà ní láti lọ, torí pé nínú 100 irú ìyá bẹ́ẹ̀, méjì sí mẹ́rin ló tún ń ṣẹlẹ̀ sí bí wọn ò bá lo ohunkóhun. Irú wọn ni dókítà ń fún ní 4 tàbí 5 mílígíráàmù lójúmọ́ títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó sì máa ń fún àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ládìde náà.

Oògùn 5 mílígíráàmù yìí, èyí kékeré aláwọ̀ yẹ́lò, ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn kẹ́mísì wa. Ó ju 0.4 lọ ní ìlọ́po méjìlá. Kò burú fún ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ilé ìwòsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláboyún ní oògùn tí wọ́n fi ń dènà ibà, irú Fánsídà. Ńṣe ni oògùn yẹn ń dí kòkòrò ibà lọ́wọ́ kó má lè ṣe fóléètì tirẹ̀, bí fólíìkì 5 mílígíráàmù bá sì wà lára, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Obìnrin tó bá ṣì ń lo èyí tó pọ̀ yẹn nígbà tó bá fẹ́ gba oògùn ibà, kó mú páálí rẹ̀ dání, kó sì fi han nọ́ọ̀sì iye mílígíráàmù tí wọ́n kọ sí i lára kó tó gbé ti ibà mì.