Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí a ṣe ń yọ wáyà iná kúrò lára fọ́tò ilé

Ká ní ẹ ya fọ́tò Mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey ní Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, tí wáyà iná sì dábùú ògiri àti fèrèsé rẹ̀. Nínú Photoshop, ẹ kọ́kọ́ ṣí léyà òfìfo sórí fọ́tò náà, kí ojúlówó má bàa bàjẹ́.

Etí fèrèsé ni iṣẹ́ ti le jù. Ẹ mú Polygonal Lasso, ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ etí náà, ẹ tẹ òpin rẹ̀, ìlà tó tọ́ á gba ibẹ̀. Ẹ wá yí apá ògiri nìkan ká.

Ẹ mú Clone Stamp, ẹ yan "Current & Below" níbi Sample. Ẹ di Alt mú, ẹ tẹ ara ògiri tó mọ́ nítòsí, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá tibẹ̀ mu, kí ẹ fi bo wáyà. Kò ní kọjá ìlà yẹn. Ẹ tẹ Shift+Ctrl+I, kí ẹ ṣe apá fèrèsé bákan náà.

Ẹ wò ó ní 100%. Bí àbàwọ́n kan náà bá hàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú ibòmíràn lára ògiri. Ẹ má gbàgbé òjìji wáyà: bí ó bá ṣẹ́ kù sára ògiri, ojú á mọ̀ pé wáyà ti wà níbẹ̀.